Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Ìwé Ìyọ̀ǹda Àṣekágbá: Ohun tí Ẹni tí Ọkọ̀ Gbá Ń Fi Sílẹ̀

Ẹni tí a kọ ìwé yìí fún ni ẹni tí ọkọ̀ gbá ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ tàbí tí orí rẹ̀ fọ́, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó dúró fún ọkọ̀ náà sì wá fi owó gbà-má-bínú lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí bébà kan kí owó tó jáde. Bébà náà sábà máa ń kéré, kì í ju ojú ìwé kan tàbí méjì lọ. Díṣáájì fáṣà ni àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní ìwé ìyọ̀ǹda àṣekágbá. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó farapa gba iye owó kan, ó sì fi ẹ̀tọ́ tí ó ní láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí ìjàǹbá náà sílẹ̀ títí láé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé sàráà ni owó yìí. Láti ìgbà òfin 1945 ni ó ti di dandan ní ilẹ̀ wa pé kí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ sí ojú títì san owó ìdójútòfò nítorí àwọn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pa tàbí ṣe léṣe. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ adójútòfò bá jókòó ti yín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ó ń kí yín kú ewu, tí ó sì fi bírò lé yín lọ́wọ́, ọjà ni ẹ̀yin méjèèjì ń ná, ẹ̀tọ́ yín ni ó sì wà lórí àtẹ.

Gbólóhùn tí ó wúwo jù nínú ìwé náà ni èyí tí ó máa ń sọ pé ẹni tí ó fọwọ́ sí i gba owó náà fún gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó ní tàbí tí ó lè ní, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò tíì mọ̀, tí ó ti inú ìjàǹbá ọjọ́ báyìí-báyìí jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé náà a máa sáré kọjá níbẹ̀, nítorí pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn lọ́yà lásán ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni ẹrù wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àìsàn kan bá fara pamọ́ sínú ara yín lónìí, tí dókítà kò rí i, tí ẹ̀yin pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n lára, ẹ ti tà á mọ́ èyí tí ẹ rí. Wárápá tí ó lè tẹ̀lé orí fífọ́ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún wà nínú rẹ̀. Oríkèé tí yóò di arọ nígbà tí ọjọ́ bá lọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan là á. Ká ní obìnrin kan wà tí a ó pè ní Ìyá Bọ́lá, oníṣòwò aṣọ ní Agége, tí ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ kan gbá nígbà tí ó ń sọdá títì, tí egungun ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́ tí ó yọ síta. Ní ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin de egungun náà pọ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ó ti ná 900,000 náírà, tí àbúrò rẹ̀ yá a ní ìdajì nínú rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò wá fi 1,500,000 náírà lọ̀ ọ́. Àwọn baba wa ti sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: Ìyá Bọ́lá ṣírò rẹ̀ pé òun yóò san gbèsè, 1,050,000 yóò sì ṣẹ́kù tí òun yóò fi ra ọjà. Ó fọwọ́ sí i.

Ní oṣù kẹsàn-án, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọyún. Fọ́tò egungun fi hàn pé ojúgun kò so, àìsàn sì ti wọ ibi tí irin wà. Wọn yóò yọ irin náà, wọn yóò fọ egungun, wọn yóò tún un dè, kò sì ní lè dúró ti ìsọ̀ fún bí ọdún kan sí i. Iṣẹ́ abẹ kejì yìí nìkan ń bèèrè 2,000,000 náírà. Nígbà tí ó padà lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò, bébà tí ó fọwọ́ sí ni wọ́n fi hàn án, lójú òfin sì rèé, wọn kò jẹ̀bi. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà burú ju bí a ti rò lọ ni yóò mú kóòtù ya ìwé náà, nítorí pé ewu pé ó lè burú jù bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí a san owó lé lórí.

Ohun tí ó sì bani lọ́kàn jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìwé náà lè de àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Òfin fún ọkọ, aya àti ọmọ ẹni tí ìjàǹbá pa ní ẹ̀tọ́ láti gba owó nítorí ẹni tí ń bọ́ wọn tí ó lọ. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀tọ́ tí olóògbé fúnra rẹ̀ ìbá ní láti pe ẹjọ́ ká ní kò kú ni ẹ̀tọ́ tiwọn dúró lé. Bí ó bá ti yọ̀ǹda tirẹ̀ pátápátá nígbà ayé rẹ̀, tí ọgbẹ́ kan náà sì wá pa á lẹ́yìn náà, ọwọ́ òfo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò nà.

Ẹ wo àwọn tí ìwé náà dárúkọ pẹ̀lú. Awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ni ó sábà máa ń jùmọ̀ jẹ̀bi, òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ní pé ẹni tí ó bá tú ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn tí ó jùmọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ lè bá a pé ó ti tú èkejì sílẹ̀, àfi bí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé náà pé òun kò yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun lára èkejì. Àwọn ìwé mìíràn tilẹ̀ tún ń fi kún un pé “àti ẹnikẹ́ni mìíràn,” gbólóhùn kékeré tí ó lè gba ọkọ̀ kejì tí ó kópa nínú ìjàǹbá náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ olówó ọkọ̀ náà kò san kọ́bọ̀. Ibòmíràn sì wà tí ẹni tí ó farapa ti ń ṣèlérí pé bí ọsibítù tàbí ìbátan tí ó yá òun lówó bá wá bèèrè owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, òun ni yóò san án padà fún wọn. Lójú tiwa, kò yẹ kí ẹni tí ó ṣì jẹ ọsibítù ní gbèsè fọwọ́ sí irú ìlà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti mọ iye tí ó jẹ ní pàtó.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé náà kò lè gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ wíwa ọkọ̀ níwàkuwà jẹ́ ti ìjọba, nítorí náà ọlọ́pàá lè gbé awakọ̀ lọ sí kóòtù bí ó tilẹ̀ ti sanwó fún yín. Ọmọ tí kò tíì tó ọjọ́ orí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ẹ̀tọ́, ẹjọ́ tí a bá sì ti pè ní orúkọ rẹ̀, adájọ́ ni yóò fọwọ́ sí iye tí a bá fẹ́ fi parí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó lábẹ́ òfin òṣìṣẹ́ ti 2010, òfin náà kò sì gbà kí òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn láti fi í sílẹ̀. Òfo ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀wé náà ní ààbò tirẹ̀. Òfin sọ pé ẹni tí ó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, ìwé náà ní àbùkù tí lọ́yà lè dì mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èrú ni yóò jẹ́ kí kóòtù fagi lé ìwé tí a ti fọwọ́ sí: kí a ti purọ́ fún ẹni náà nípa ohun tí ìwé náà jẹ́, tàbí kí a ti halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣòro láti fi hàn, pàápàá bí kò bá sí ẹlẹ́rìí nítòsí. Ẹni tí ó mọ̀wé kà tí kò sì kà á, kóòtù kì í sábà ṣàánú rẹ̀.

Nítorí náà, ìgbà tí ó yẹ láti parí ọ̀rọ̀ ni ìgbà tí dókítà bá ti lè fi àkọsílẹ̀ sọ pé ara ti san dé ibi tí yóò san dé, tàbí tí ó bá ti lè sọ iṣẹ́ abẹ tí ó kù àti iye tí yóò ná. Egungun ojúgun tí ó yọ síta kì í ṣe ohun tí a ń parí ní oṣù kẹta. Bí owó bá ń wọ́n yín kí ìgbà náà tó dé, ẹ bèèrè ìdá díẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé tí ẹ ó fọwọ́ sí sì sọ ọ́ kedere pé ara owó ni, àti pé ẹ̀tọ́ yín lórí èyí tí ó kù kò yẹ̀. Ká ní ìwé báyìí ni Ìyá Bọ́lá fọwọ́ sí, 1,500,000 yẹn ìbá san gbèsè rẹ̀ bákan náà, ilẹ̀kùn ìbá sì ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ kejì. Ilé-iṣẹ́ náà lè kọ̀, wọn kò kúkú wà lábẹ́ dandan; ṣùgbọ́n ẹni tí kò bèèrè kò lè mọ̀.

Bí ẹ ti ń dúró de ara, ẹ má gbàgbé ọjọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 3 ni òfin fún ẹni tí ó farapa nítorí àìbìkítà ẹlòmíràn láti pe ẹjọ́, bí ìjíròrò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá sì gùn títí, kò dá ọjọ́ náà dúró. A ti rí ilé-iṣẹ́ tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ọ̀rọ̀ títí ọjọ́ fi lọ. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ìjọba, àkókò náà lè kúrú débi oṣù 3, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí lọ́yà kíákíá. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè mú ìwé náà, láì tíì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìwé ọsibítù àti ti ọlọ́pàá, lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ tàbí sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò-ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ fún aláìní.