Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìpín Ipá Wò

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi okùn fa àpótí pẹ̀lú ipá 50 níútìnì, okùn náà sì fi igun 30° ga sí ilẹ̀. Ó pín ipá náà sí méjì: 43.3 síwájú, 25 sókè.

Kí ó tó fọwọ́ sí i, kí ó pa wọ́n pọ̀ padà. 43.3 lọ́nà 43.3 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1,875. 25 lọ́nà 25 jẹ́ 625. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 2,500, èyí tí í ṣe 50 lọ́nà 50. Ó bá a mu.

Ṣùgbọ́n bí ó bá fi sáìnì sí ipò kósáìnì, tó kọ 25 síwájú àti 43.3 sókè, 50 yìí kan náà ni yóò rí. Igun ló ń tú àṣìṣe yìí fó. Kí ó fi ti iwájú pín ti òkè: 0.577 ni táńjẹ́ǹtì 30°; 1.73 ni ti 60°. Ẹ yẹ bí ipá ti pọ̀ tó wò, kí ẹ sì yẹ igun rẹ̀ wò.