Bí a ṣe ń sọ àkọsílẹ̀ áàpù di ìtàn olùlò

Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan fẹ́ ṣe áàpù àjọ, ó wá fi àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́: "Kí ọmọ ẹgbẹ́ lè dá owó lórí fóònù, kí rìsíìtì dé kíákíá, kí alájọ sì mọ àwọn oníbàárà tó jẹ gbèsè." Ó dùn ún kà, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fún èèyàn méjì tó ń kọ kóòdù, áàpù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa gbé wá.

Ẹ kọ́kọ́ pín in. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: owó dídá, rìsíìtì, àti orúkọ onígbèsè. Ìtàn kan ni ẹ máa kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan náà ni kí ẹ sì máa pe èèyàn kan náà. "Ọmọ ẹgbẹ́" àti "oníbàárà" inú àkọsílẹ̀ yẹn, ẹnì kan náà ni. Ẹ mú ọ̀kan.

Bí a ṣe ń kọ ìtàn náà nìyí. Ilé iṣẹ́ Connextra ní London ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2001:

*Gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, mo fẹ́ gba rìsíìtì, kí n lè fi hàn pé mo ti san.*

Lábẹ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ìtẹ́wọ́gbà máa wà, ìyẹn ohun tí a máa fi mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ìlà mẹ́ta ni: ipò tí nǹkan wà, ohun tí èèyàn ṣe tàbí tó ṣẹlẹ̀, àti àbájáde rẹ̀.

Òṣùwọ̀n 1
Ká ní: ọmọ ẹgbẹ́ ti san owó.
Nígbà tí: báǹkì bá jẹ́rìí sí i,
Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé: rìsíìtì dé láàárín ìṣẹ́jú 1.

Òṣùwọ̀n 2
Ká ní: owó ti kúrò ní àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì já.
Nígbà tí: ó bá tún tẹ "San",
Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé: áàpù sọ pé owó àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́nà, kò sì yọ òmíràn.

Ẹ wo òṣùwọ̀n kejì yẹn dáadáa. Kò sí nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ yín rárá. "Ká ní" ló fà á jáde, torí ó fipá mú yín láti bèèrè pé, "Tí nǹkan ò bá lọ déédéé ńkọ́?"

Ó ku orúkọ onígbèsè. Ìgbà wo gan-an lèèyàn di onígbèsè? Ṣé ní ààjìn òru ọjọ́ tó yẹ kó san ni, àbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹni tó ti san, tí báǹkì ò tíì jẹ́rìí sí owó rẹ̀, ṣé orúkọ rẹ̀ máa jáde? Ẹ má fi ọgbọ́n orí yín dí àlàfo yìí o. Ẹ kọ ìbéèrè náà sábẹ́ ìtàn, kí ẹ sì bi ọ̀rẹ́ yín. Tí ẹ bá ṣì í, ẹni tí kò jẹ gbèsè ni alájọ máa dójú tì lójú ẹgbẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan ò dáa? Ẹ fún ẹni tí kò bá yín kọ ọ́ ní fóònù àti ìlà mẹ́ta yẹn. Tí kò bá lè sọ pé "ó yege" tàbí "kò yege" láìbi yín léèrè, ẹ tún un kọ. Ìdí nìyẹn tí "kíákíá" fi di ìṣẹ́jú 1. Ẹ ṣáà rí i dájú pé ọ̀rẹ́ yín gbà pé iye yẹn ló fẹ́.