Lẹ́yìn tí obìnrin bá ti ní kí wọ́n fi kún owó oṣù òun

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni gbèdéke tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún àwọn orílẹ̀-èdè 27 tó wà nínú rẹ̀ láti sọ ìlànà tuntun rẹ̀ lórí owó oṣù di òfin lábẹ́lé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá yóò máa ṣírò ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó ọkùnrin àti ti obìnrin. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí: agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ mọ iye owó tó wà nílẹ̀, tàbí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè iye tó ń gbà níbi iṣẹ́ tó ti ń bọ̀. Lójú tèmi, apá yìí ló kan ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń bá yí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìyẹn ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin lẹ́yìn tó bá ti béèrè.

Ohun tí gbogbo ayé kọ́kọ́ gbọ́ ni pé àwọn obìnrin fúnra wọn ni kì í béèrè. Ní ọdún 2003, Linda Babcock, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, àti Sara Laschever gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè tí Babcock wádìí lọ́wọ́ wọn, 57 nínú 100 ọkùnrin ló ti ní kí agbanisíṣẹ́ fi kún owó tó kọ́kọ́ dá lé e, ṣùgbọ́n 7 péré ni nínú 100 obìnrin. Kíá ni èyí di ìmọ̀ràn: ẹ ní ìgboyà, ẹ lanu sọ̀rọ̀. Babcock alára kò dúró síbẹ̀. Òun, Hannah Riley Bowles ti Harvard àti Lei Lai tún wádìí bóyá nǹkan kan wà tí àwọn obìnrin náà ń sá fún, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2007. Wọ́n kó ìwé nípa ẹnì kan tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kà á bí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ìwé kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti pé ó gba owó tí wọ́n dá lé e tàbí ó ní kí wọ́n fi kún un. Wọ́n wá bi wọ́n pé, ṣé ẹ máa fẹ́ bá ẹni yìí ṣiṣẹ́? Nígbà tí wọ́n tún fi fídíò ṣe é dípò ìwé, àwọn ọkùnrin tó dáhùn fojú burúkú wo obìnrin tó béèrè ju bí wọ́n ṣe wo ọkùnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin ní tiwọn kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó béèrè, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ohun tó ba ti obìnrin náà jẹ́ ni pé wọ́n rí i bí aláṣejù, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá mọ́ èèyàn. Nígbà tí wọ́n wá gbé àwọn obìnrin sípò ẹni tó ń wá iṣẹ́, wọn ò fẹ́ béèrè tó àwọn ọkùnrin bó bá jẹ́ ọkùnrin ló máa dá wọn lóhùn.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé nǹkan ti yí padà. Laura Kray àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí lọ́wọ́ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso okòwò jáde ní iléèwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé 54 nínú 100 obìnrin ló sọ pé àwọn dúnàádúrà, tí ti ọkùnrin sì jẹ́ 44. Síbẹ̀, owó àwọn obìnrin yẹn ṣì kéré sí ti ọkùnrin. Ní Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde ní 2018 fi hàn pé nígbà tí ipò iṣẹ́ wọn bá dọ́gba, obìnrin ń béèrè bí ọkùnrin ṣe ń béèrè, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 nínú 100 ìgbà tí ọkùnrin bá béèrè ló ń rí i gbà, ti obìnrin sì jẹ́ 15. Fún ìdí yìí, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹnu obìnrin kò dúró mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dáhùn ló yẹ ká yíjú sí.

Òǹkàwé kan ní ilẹ̀ Yorùbá lè bi mí pé, ṣé àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni a fẹ́ sọ pé wọn ò mọ ìdúnàádúrà? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Nínú ọjà, gbogbo èèyàn mọ̀ pé iye tí ẹlẹ́rù kọ́kọ́ pè kọ́ ni iye tí wọn yóò san. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dín in kù kò tẹ òfin kankan lójú, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa pè é ní ọ̀kánjúwà. Ohun tí Andreas Leibbrandt àti John List rí nìyẹn nígbà tí wọ́n polówó iṣẹ́ gidi fún nǹkan bí 2,500 èèyàn ní Amẹ́ríkà. Níbi tí ìpolówó kò ti sọ bóyá owó ṣeé ná, àwọn ọkùnrin ló ń béèrè jù. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ gbangba pé ó ṣeé ná, ìyàtọ̀ náà pòórá. Emily Amanatullah àti Michael Morris náà rí i ní 2010 pé obìnrin tó ń dúnàádúrà fún ẹlòmíì ń ṣe é bí ọkùnrin. Ìgbà tó bá ń béèrè fún ara rẹ̀ ló ń tètè gbà fún wọn, nítorí ó ti rí ojú burúkú náà kó tó dé.

Báwo wá ni èèyàn ṣe lè múra sílẹ̀ dè é? Bowles àti Babcock dán àwọn gbólóhùn kan wò ní 2013. Bí obìnrin bá kàn mú ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá, bíi pé iléeṣẹ́ mìíràn ti fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn nìkan kò mú kí wọ́n tún fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá sì kàn fi hàn pé àjọṣe wọn jẹ òun lógún, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n owó kò tìtorí ẹ̀ wọlé. Gbólóhùn tó ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ló ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fún níṣẹ́ ìṣirò owó ní Dublin, tí ìpolówó sọ pé owó ọdún kan wà láàárín 40,000 àti 48,000 yúrò, tí wọ́n sì dá 41,000 lé e. Kó kọ́kọ́ béèrè bóyá iye yẹn ṣì ṣeé jíròrò. Kó wá dárúkọ 46,000, kó fi ìrírí rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, kó sì fi kún un pé: “Ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú àwọn oníbàárà yín ni ẹ fẹ́ kí n máa bójú tó, mo sì rò pé ẹ máa fẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.” Kó wá kíyè sí èsì wọn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa iye owó, ìdúnàádúrà ṣì ń lọ. Bí wọ́n bá yí i sí ọ̀rọ̀ ìwà, pé ojú rẹ̀ ti tóbi jù, ojú burúkú ti dé nìyẹn. Kó dá ọ̀rọ̀ náà padà sórí iye tó wà nínú ìpolówó, nítorí àwọn ni wọ́n kọ ọ́.

Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí máa bí àwọn kan nínú, ó sì yẹ kó bí wọn. Kí ló dé tí obìnrin yóò máa fi oyin pa owó tó tọ́ sí i? Yàtọ̀ sí ìyẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dán an wò, lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe owó àpò wọn ni wọ́n ń ná, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe rí níbẹ̀ ló máa rí ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tàbí ní London. Mo kà á sí agbòjò tí èèyàn ń mú dání títí wọn yóò fi tún òrùlé ṣe. Títẹ iye owó jáde ni mo gbà pé ó sún mọ́ òrùlé jù, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í rí ìpolówó kankan kà nígbà tó bá fẹ́ àfikún. Fún irú wọn, ìlànà Yúróòpù fún òṣìṣẹ́ láyè láti béèrè ìpíndọ́gba owó ọkùnrin àti ti obìnrin tó ń ṣe irú iṣẹ́ tirẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín oṣù méjì. Ó tún ka fífìyà jẹ ẹni tó béèrè léèwọ̀. Ilé ẹjọ́ lè rí ìyọnilẹ́nuṣẹ́, ó lè rí owó tí wọ́n gé. Ọ̀gá tó dákẹ́ tí kò fi orúkọ obìnrin náà sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ńlá mìíràn yọjú, n kò tíì rí bí òfin yìí ṣe máa mú un.