Yáàdì 24 ló wà nílẹ̀, yáàdì 36 ni wọ́n ti gbowó ẹ̀!

Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ankara ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Oníbàárà ti sanwó láti Ọjọ́rú, Sátidé ni ìnáwó rẹ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó, ọlọ́jà náà ò sì gbèrò láti rẹ́ ẹ jẹ. Ibi tí wọ́n ti polówó ọjà lórí WhatsApp gan-an lọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá aláṣọ kan tó ní dísáìnì kan, àwọ̀ mẹ́ta. Ti búlúù ku odindi 2, yáàdì 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gèlè tó bá a mu ku 3. Ló bá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé: yáàdì 12, ó ku 2, yáàdì 6, ó ku 4, yáàdì 6 pẹ̀lú gèlè, ó ku 3. Ẹ wò ó dáadáa, aṣọ kan náà ló kà lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹnì kan ra odindi 1, ẹni méjì ra yáàdì 6, ẹni méjì ra ti gèlè. Yáàdì 36 nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ra kọjá ohun tó wà nínú ìpolówó.

Yáàdì 6 ló yẹ kó fi máa kà. Yáàdì 24 jẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà 4, òun nìkan ni kó kọ sínú ìwé. Odindi á yọ 2 kúrò níbẹ̀, yáàdì 6 á yọ 1, ti gèlè náà á yọ 1, á sì tún yọ gèlè 1. Tí wọ́n bá ra odindi 1, ó ku 2. Gèlè 3 ṣì wà nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ 2 péré ló lè tà pẹ̀lú aṣọ.

Wàhálà mìíràn wà níbi gígé. Bí wọ́n bá gé yáàdì 6 lára odindi méjèèjì, yáàdì 12 ló kù o, àmọ́ ẹni tó fẹ́ odindi ò ní gba aṣọ gígé. Kí wọ́n tà èyí tí wọ́n ti gé tán kí wọ́n tó fọwọ́ kan òmíràn.

Ti àwọ̀ wá ńkọ́? Ohun tí ẹnì kan ń pè ní búlúù, náfì ni lójú ẹlòmíràn. Kí wọ́n kọ A, B, D sórí bébà, kí wọ́n gbé e lé aṣọ kí wọ́n tó ya fọ́tò, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí gílóòbù a máa yí àwọ̀ padà. Oníbàárà á kàn kọ "A, yáàdì 6". Bí béèlì tuntun bá dé, kí wọ́n fún un ní lẹ́tà tiẹ̀, kódà bí dísáìnì bá jọra. Búlúù tòní lè má bá tàná mu, àárín ẹlẹ́gbẹ́ ló sì ti máa ń hàn.

Láti 2019 tí WhatsApp ti fún ọlọ́jà láyè láti to ọjà síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó, kì í bá wọn ka yáàdì. Ọmọ tó ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù àti ìyá tó di fóònù mú, ìwé kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n jọ máa kọ. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ wá sanwó, pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀. Tó bá di agogo mẹ́rin tí aláàtì ò wọlé, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn.