Owó Ìgò Sẹ́rọ́ọ̀mù: Ohun Tó Yẹ Kí Oníbàárà Wò Kó Tó Sanwó

Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún ni àwọn ará Bobè, Gouka, Koko àti gbogbo agbègbè Bantè máa ń ṣa kajú. Ìgbà náà ni owó máa ń wọlé, ìgbà náà sì ni awọ máa ń jìyà. Oje inú èèpo kajú máa ń jó awọ, ibi tó bá sì jó á di àpá dúdú nígbà tó bá jinná. Irorẹ́ náà máa ń fi irú àpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn ọ̀dọ́. Nítorí àpá wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ra sẹ́rọ́ọ̀mù, omi ìpara inú ìgò kékeré tí wọ́n ń kán sójú lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́jú tán.

Ẹ ká ní ìgò méjì ló wà lórí tábìlì. Èròjà kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì, ìwọ̀n kan náà ni omi inú wọn, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ 6,000 fíráǹkì, èkejì jẹ́ 30,000. Bí oníbàárà bá bi aláte léèrè ìdí rẹ̀, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé ti Faransé ni ọ̀wọ́n yẹn. Èsì yẹn kò ràn án lọ́wọ́. Ìwà èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò náà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Èròjà kan wà tó le, tí ooru àti afẹ́fẹ́ kì í tètè rí gbé ṣe. Òmíràn sì wà tó jẹ́ ẹlẹgẹ́, tó máa ń bàjẹ́ bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n pò, tàbí bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n tọ́jú. Owó púpọ̀ lè ra nǹkan gidi lórí ti èkejì tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ yìí. Lórí ti àkọ́kọ́, kò sábà rà ju ìgò tó rẹwà lọ.

Niasinamáìdì, tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn ìgò ní Niacinamide, wà lára àwọn tó le. Irú fítámìnì B3 kan ni. Kì í bó awọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín àwọ̀ dúdú tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ń kó lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì òkè kù. Lọ́dún 2002, Hakozaki àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Japan. Ìpara tó ní 5% èròjà yìí ni wọ́n lò, àpá dúdú sì ti ń ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4. Àpá tó jinlẹ̀ lára awọ dúdú bíi tiwa máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù mélòó kan ni kí èèyàn fọkàn sí. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ka owó ni pé niasinamáìdì kò wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, kò ṣòro láti pò mọ́ omi, ìmọ́lẹ̀ àti ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́. Nítorí náà, bí ìgò 6,000 bá ní 5% lóòótọ́, tí orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kọjá lò hàn lára rẹ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ san 30,000 torí àpá. Kí ẹni náà má sì jẹ́ kí ìgò tó kọ 10% fà á mọ́ra pé yóò ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po méjì. Iye tó wà nínú ìwádìí yẹn ni 5%, 10% sì lè máa ta awọ ẹlòmíràn.

Fítámìnì C kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojúlówó rẹ̀ ni ásíìdì ásíkọ́bíìkì, èyí tí ẹ̀yìn ìgò ń pè ní Ascorbic Acid. Tó bá ti wà nínú omi, afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Sheldon Pinnell, dókítà awọ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára awọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001. Wọ́n rí i pé omi náà gbọ́dọ̀ kan dáadáa, kí pH rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 3.5, kó tó lè wọnú awọ. Wọ́n tún rí i pé bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti kọjá 20%, èyí tó ń wọlé kò pọ̀ sí i mọ́. Lọ́dún 2005, ikọ̀ kan náà fi hàn pé bí wọ́n bá fi 0.5% ásíìdì fẹ́rúlíìkì kún 15% fítámìnì C àti 1% fítámìnì E, àpòpọ̀ náà kì í tètè bàjẹ́, ààbò rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn sì di ìlọ́po méjì.

Inú àpòpọ̀ yìí ni ìgò SkinCeuticals C E Ferulic ti wá, ọ̀kan lára àwọn sẹ́rọ́ọ̀mù tó lókìkí jù lágbàáyé. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju 160 dọ́là lọ fún mìlílítà 30, èyí tó súnmọ́ 100,000 fíráǹkì. Ilé iṣẹ́ Timeless ń ta ìgò tiwọn ní nǹkan bíi 25 dọ́là. Fítámìnì C, fítámìnì E àti ásíìdì fẹ́rúlíìkì náà ló wà nínú rẹ̀, mìlílítà 30 náà sì ni. Kí ló wà láàárín iye méjèèjì? Apá kan ni owó ìwádìí, nítorí ìgò ọ̀wọ́n yẹn ni àwọn onímọ̀ dán wò gan-an. Apá kan ni ẹ̀tọ́ àdáṣe tí ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ni àpòpọ̀ náà lọ́dún 2007, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ gẹ́lẹ́; ẹ̀tọ́ yẹn parí lọ́dún 2025. Ìyókù jẹ́ ìpolówó, èrè àti orúkọ. Ẹni tó bá ra ti Timeless kò ra ayédèrú. Ohun tó ṣẹ́kù tó gbọ́dọ̀ wò ni bóyá omi inú ìgò náà ṣì jẹ́ ọ̀tun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Bobè ti yàtọ̀ sí ti Paríìsì. Ní oṣù kẹta, ooru agbègbè yìí máa ń kọjá ìwọ̀n 35, inú yàrá onípáànù sì máa ń gbóná ju ìta lọ. Ìgò tó gba Kútọ̀nú wọlé, tó gun mọ́tò dé Savalou, tó wá jókòó sórí àtẹ nínú oòrùn lọ́jọ́ ọjà, ti lè bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, yálà ó wọ́n tàbí kò wọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí. Èyí tó ṣì dára máa ń mọ́ bí omi tàbí kó pọ́n díẹ̀. Tó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì, èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Kí oníbàárà gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó tó sanwó. Ìgò funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá kò yẹ fítámìnì C. Èyí tó dúdú, tí ìdérí rẹ̀ sì fún, ló dára. Bí olówó gọbọi bá wà nínú ìgò funfun, tí olówó pọ́ọ́kú sì wà nínú ìgò dúdú, ti olówó pọ́ọ́kú ni kó mú.

Ìṣirò kan tún wà tí aláte kì í ṣe fún èèyàn. Bíi ẹ̀kán 20 ló ń kún mìlílítà kan. Ẹni tó ń lo ẹ̀kán 5 láràárọ̀ yóò lo mìlílítà 30 fún 120 ọjọ́, ìyẹn oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí fítámìnì C, bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń retí kó fi wúlò, níbi tí kò gbóná. Nínú ilé tí kò ní fíríìjì, ó dájú pé ìsàlẹ̀ ìgò yóò bàjẹ́ kí onítọ̀hún tó dé ibẹ̀. Ìgò mìlílítà 15 ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jọ pé ó wọ́n ju ńlá lọ bí a bá pín in. Kó máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù omi, níbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù, kó sì dé e pa lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí èyí bá ṣòro fún lè fi fítámìnì C sílẹ̀ pátápátá kó mú niasinamáìdì. Fún ẹni tó ń gbé abúlé, ìyẹn gan-an ni ìwé yìí gbà á nímọ̀ràn.

Kí oníbàárà tó gbà pé èròjà kan náà ló wà nínú ìgò méjì, kó yí wọn padà kó ka ẹ̀yìn wọn. Iwájú ìgò lè kọ fítámìnì C gàdàgbà nígbà tó jẹ́ Magnesium Ascorbyl Phosphate tàbí Ascorbyl Palmitate ló wà lẹ́yìn. Ọmọ ìyá ni wọ́n pẹ̀lú Ascorbic Acid, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà. Nínú ìwádìí Pinnell tọdún 2001, irú àwọn yẹn kò mú kí fítámìnì C pọ̀ sí i nínú awọ. Orúkọ èròjà máa ń tò láti orí èyí tó pọ̀ jù dé èyí tó kéré jù, àfi àwọn tí kò tó 1%, tí wọ́n lè tò bó ṣe wù wọ́n. Phenoxyethanol, tí wọ́n fi ń dá ìdíbàjẹ́ dúró, kì í ju 1% lọ nínú ohun tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù. Nítorí náà, bí Niacinamide bá wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀, kò lè tó 5% láé, iyekíye tí wọ́n ì báà tà á.

Ẹni tó bá ti ní ìgò méjèèjì nílé lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe ìdájọ́. Kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí abẹ́ apá fún ọjọ́ mélòó kan láti mọ̀ bóyá yóò yún un. Lẹ́yìn náà, kó fi ọ̀wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kó fi pọ́ọ́kú sí ti òsì, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, kó má sì pààrọ̀ ọṣẹ tàbí ìpara mìíràn láàárín ìgbà náà. Kó dé fìlà etí gbòòrò lọ sóko, nítorí oòrùn lè sọ àpá di dúdú padà kíákíá ju bí sẹ́rọ́ọ̀mù ṣe ń mú un lọ. Kó ya fọ́tò ní ibì kan náà, ní wákàtí kan náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti lọ́jọ́ ìkẹyìn. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bá rí bákan náà, ó ti mọ èyí tí yóò máa rà. Ó sì lè jẹ́ pé pọ́ọ́kú yẹn ń lẹ̀ mọ́ ojú nínú ooru débi pé kì í fẹ́ lò ó. Ìdí tó tó láti fi owó díẹ̀ kún un nìyẹn, nítorí sẹ́rọ́ọ̀mù tí wọn kò lò kì í mú àpá kankan lọ.

Àwọn ìgò kan wà tí kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ìgò C E Ferulic tí wọ́n ń tà ní 8,000 fíráǹkì lọ́jà kì í ṣe ẹ̀dínwó, ayédèrú ni. Èyí tó ṣèlérí pé ara yóò funfun láàárín ọjọ́ méje sì léwu, pàápàá bí wọ́n bá kọ Hydroquinone, Clobetasol tàbí Mercury sí i lára, tàbí tí wọn kò kọ èròjà kankan. Mẹ́kúrì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, ti fòfin dè é nínú ìpara. Clobetasol máa ń mú kí awọ fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti lo irú rẹ̀ pẹ́, tàbí tí àpá rẹ̀ ń tàn kálẹ̀, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tó ń jó o, kó gbé ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn, kó má sì jù ú nù. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá Savalou ló yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, tàbí ọ̀dọ̀ dókítà awọ ní Paraku.