Bí Ilé Iṣẹ́ Ṣe Ń Kéde Aago Iṣẹ́ Tuntun

Ètò ìkéde ni ìwé kékeré tí ilé iṣẹ́ máa ń kọ kó tó yí aago iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn tó yẹ kí wọ́n gbọ́, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbọ́, ẹni tí yóò sọ ọ́, ọjọ́ tí yóò sọ ọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ojú ìwé kan tàbí méjì tó fún un. Síbẹ̀, ó gba ìrònú, nítorí pé aago iṣẹ́ kì í dá dúró. Aago tí òṣìṣẹ́ ń mú ọmọ lọ sí ilé ìwé so mọ́ ọn, aago tí ọkọ̀ ṣì wà lójú títì so mọ́ ọn, aago tí owó ń wọlé fún oníbàárà náà so mọ́ ọn.

A lè fi ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ní òṣìṣẹ́ bí ogójì. Òru ni wọ́n ń yan búrẹ́dì níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń ṣí géètì fún àwọn aláròbọ̀ tó ń wá ra búrẹ́dì, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n owó dísù ti pọ̀ jù, iná ìjọba sì ń dúró lọ́sàn-án ju òru lọ ládùúgbò náà. Ilé iṣẹ́ wá fẹ́ máa yan búrẹ́dì láti aago méje àárọ̀, kó máa tà á láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mú àwọn èèyàn tọ́rọ̀ kàn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí wọ́n sì béèrè ohun tí yóò yí padà fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Lára àwọn òṣìṣẹ́, àwọn tó ń yan búrẹ́dì lóru, àwọn awakọ̀, akọ̀wé owó àti ọlọ́dẹ kò ní ìṣòro kan náà. Lára àwọn oníbàárà, àwọn onílé ìtajà tí mọ́tò ń gbé búrẹ́dì lọ bá wà lọ́tọ̀, àwọn aláròbọ̀ tó ń wá sí géètì wà lọ́tọ̀, ẹni tó kàn yà láti ra ẹyọ kan náà sì wà lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláròbọ̀ ló le jù nínú wọn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì máa ń gbà á ní aago márùn-ún, yóò sì ti máa tà á fún àwọn èrò ọkọ̀ kó tó di aago mẹ́fà. Lábẹ́ ètò tuntun, ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa gba búrẹ́dì tí yóò tà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó di dandan kó ní ibi tí yóò kó o sí mọ́jú, níbi tí eku kò ti lè dé. Ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí i pé búrẹ́dì tutù dáadáa kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ sínú ọ̀rá, nítorí pé bí ó bá gbóná wọ ọ̀rá, yóò làágùn, kì í sì í pẹ́ tó fi ń bu. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Owó búrẹ́dì àná ni aláròbọ̀ fi ń ra ti òní. Ní ìdájí, owó àná ti pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kí búrẹ́dì ṣì kù lórí igbá rẹ̀. Ìdí nìyí tí ṣíṣí géètì títí di aago mẹ́jọ alẹ́ fi ṣe pàtàkì sí i, tó sì yẹ kí ìkéde náà sọ ọ́ kedere.

Béèrè irú ìbéèrè yìí ló tún ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ rí àlàfo tó wà láàárín aago àtijọ́ àti aago tuntun. Ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ta búrẹ́dì gbẹ̀yìn lábẹ́ ètò àtijọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ti tuntun yóò kọ́kọ́ jáde. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní búrẹ́dì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọjà máa ń yá. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n yan búrẹ́dì ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn nìkan, kí wọ́n tà á lọ́jọ́ náà láti aago mẹ́ta sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ìkéde. Ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò pàdánù ìsinmi ọjọ́ Àìkú.

Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ sọ lórí èyí. Abala kẹtàlá rẹ̀ sọ pé àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí ìjíròrò pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wà lára ohun tó ń fìdí wákàtí iṣẹ́ múlẹ̀. Abala kan náà fún òṣìṣẹ́ ní odindi ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ méje. Abala keje ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àlàyé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, wákàtí iṣẹ́ wà lára rẹ̀, kó sì fi àyípadà tó ASÍ rẹ̀ létí nínú ìwé láàárín oṣù kan lẹ́yìn àyípadà náà. Ìyẹn ni òpin tí òfin fi lélẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí aago ti yí kó tó kọ ìwé lè wà lábẹ́ ààbò òfin, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní ráyè wá ẹni tí yóò lọ mú ọmọ rẹ̀ wá sílé láti ilé ìwé.

Nítorí náà, láti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Fún ilé búrẹ́dì yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje, máníjà yóò pe àwọn ọ̀gá ìsọ̀rí iṣẹ́ àti aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó. Ìpàdé yìí kì í ṣe ti ìkéde nìkan. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ bá rí ohun tí kò lè ṣiṣẹ́ nínú ètò náà, ìgbà yìí ni àtúnṣe ṣì rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ yóò gbọ́ lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ti àwọn onílé ìtajà ńlá, ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ti àwọn aláròbọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ni pátákó ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù àti ìránnilétí yóò jáde.

Ìdí tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣáájú oníbàárà ni pé òṣìṣẹ́ ni oníbàárà máa ń bi léèrè. Bí awakọ̀ bá gbọ́ àyípadà náà lẹ́nu onílé ìtajà tó ń gbé búrẹ́dì fún, yóò gbà pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún òun, ohun tí yóò sì sọ fún onílé ìtajà náà yóò jẹ́ àbá lásán.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóru gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní aago tiwọn, bóyá nígbà tí wọ́n bá dé lálẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé wọn dìde lójú oorun ọ̀sán wá sí ìpàdé. Owó ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí àláwánsì òru yóò bá dópin, máníjà gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kó sọ iye tó jẹ́ àti ohun tí ilé iṣẹ́ fẹ́ ṣe sí i. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣàwárí rẹ̀ nígbà tó gba owó oṣù kò tún ní gba ìkéde mìíràn gbọ́. Lẹ́yìn owó ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ti ọmọ. Ó dára kí wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀sẹ̀ kan láti mú ìṣòro tirẹ̀ wá, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò fèsì.

Ìkéde fún oníbàárà ní láti kúrú, kó sì dáhùn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì. Èyí ni irú èyí tó lè wà lára géètì:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa, láti ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹsàn-án, a ó máa ta búrẹ́dì láti aago 3 ọ̀sán sí aago 8 alẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kò ní máa ṣí ní aago 5 ìdájí mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹsàn-án nìkan, a ó tà láti aago 3 ọ̀sán sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè rí búrẹ́dì tà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Iye owó búrẹ́dì kò yí padà. Bí ìbéèrè bá wà, ẹ rí akọ̀wé owó.”

Ìkéde yìí dárúkọ aago àtijọ́ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá rí aago tuntun nìkan lè rò pé wọ́n fi kún ti tẹ́lẹ̀ ni. Ó so ọ̀sán, alẹ́ àti ìdájí mọ́ aago kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́. Ó sì sọ ohun tí kò yí padà, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fura pé owó fẹ́ gbówó lórí nígbàkigbà tí ilé iṣẹ́ bá lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Pátákó kò tó fún gbogbo èèyàn. Aláròbọ̀ tí kì í kàwé nílò ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un lójú kojú, tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀: ẹyọ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn Yorùbá bá wà nínú rẹ̀, 70 ni yóò gbà, ìyókù yóò sì di àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tí wọ́n máa sanwó fún. Ọjọ́, aago àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló yẹ kó wọ inú rẹ̀.

Fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti yé ẹni tó gbà á. Ọ̀nà tó dájú láti mọ̀ ni kí wọ́n ní kí olùgbọ́ sọ ọ́ padà. Akọ̀wé owó lè bi aláròbọ̀ kan pé, “Màmá, ọjọ́ wo lẹ máa wá gba búrẹ́dì tẹ́ ẹ máa tà láàárọ̀ Ajé yẹn?” Bí ó bá fèsì pé ìdájí ọjọ́ Ajé, ìkéde náà kò tíì wọlé. Bí èèyàn púpọ̀ bá ń béèrè ohun kan náà, ìkéde náà ni kò kún tó, òun ló sì yẹ kí wọ́n tún kọ. Àhesọ pàápàá ń fi àlàfo hàn. Bí wọ́n bá ń sọ pé ilé iṣẹ́ fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó jẹ́ pé kò sí ẹni tó tíì sọ iye òṣìṣẹ́ tí yóò wà lẹ́yìn àyípadà náà.

Ètò náà kò parí lọ́jọ́ keje oṣù kẹsàn-án. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọlọ́dẹ gbọ́dọ̀ mọ àlàyé tí yóò ṣe fún ẹni tó bá wá kan géètì ní ìdájí, kó sì máa kọ iye wọn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí iye náà bá ń dín kù, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Bí kò bá dín kù, ó yẹ kí wọ́n mọ ọ̀wọ́ tí àwọn tó ń wá wọ̀nyẹn jẹ́, kí ẹnì kan sì tọ̀ wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn aláròbọ̀ bá mọ aago tuntun dáadáa, tí wọ́n sì lọ ń rà níbòmíràn, kì í ṣe ìkéde ló kùnà. Aago náà ni kò bá ọjà wọn mu, òun ni ilé iṣẹ́ ní láti tún wò.