Síìmù Tó Ń Wá, Tó Tún Ń Lọ

Tí ẹnìkan bá ní síìmù òun kò ṣiṣẹ́, ojú fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá kọ "No service", fóònù rí síìmù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò rí. "No SIM" ní tirẹ̀ ń sọ pé fóònù kò rí káàdì rárá. Tí èyí bá ń wá tó ń lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé káàdì àti àwọn irin tín-ín-rín inú fóònù kò fara kan ara wọn dáadáa.

Oníṣòwò aṣọ kan gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ wá fún mi. Ó ní, "Bọ̀dá, tí mo bá ti tẹ ẹ̀yìn ẹ̀, ó ti padà wá nìyẹn." A pa fóònù, a fa tíréè síìmù rẹ̀ jáde, a sì fi síìmù náà sínú fóònù mìíràn. Ó lò ó títí di ìrọ̀lẹ́, torí àìsàn tó ń wá tó ń lọ kì í fara hàn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibẹ̀ náà ló ti ń sọnù. Síìmù ọmọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ nínú fóònù tirẹ̀ láìsí wàhálà. Káàdì la wá dojú kọ.

Mo gbé ojú wúrà rẹ̀ sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Wúrà yìí kò nípọn rárá: níkẹ̀lì ló wà lábẹ́ rẹ̀, bàbà ló sì wà lábẹ́ níkẹ̀lì. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí irin fóònù fà sórí rẹ̀ kò burú. Àmọ́ tí ojú ìlà náà bá ti di funfun bíi fàdákà, wúrà ibẹ̀ ti ṣí nìyẹn. Tó bá pọ́n tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ó ti kan bàbà. Ẹ lè fi òwú tí ẹ rẹ díẹ̀ sínú sípíríìtì nu ìdọ̀tí kúrò, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi páńda ha á, wúrà tó kù ló máa kó lọ. Wúrà tó ti ṣí kò ṣeé dá padà, ẹ pààrọ̀ káàdì ni.

Wúrà obìnrin yìí mọ́ ṣáká. Ìjókòó káàdì nínú tíréè ló bàjẹ́. Síìmù ńlá àtijọ́ ni wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé kéré fún un. Náánò síìmù jẹ́ mìlímítà 12.3 ní gígùn, 8.8 ní ìbú, 0.67 ní ìnípọn. Ti àtijọ́ nípọn tó 0.76. Sísọ́ọ̀sì lè dín ìbú kù, kò lè dín ìnípọn kù. Nígbà tí mo gbé tíréè sí ọ̀gangan ojú, káàdì yọrí sókè ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé wọ́ tún jẹ́ kó máa yí sọ́tùn-ún sósì, tí ojú wúrà fi ń yẹ̀ lórí irin.

Ó ti ká bébà sábẹ́ rẹ̀ kó lè le. Bébà máa ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tẹ irin fóònù mọ́lẹ̀ títí tí kò fi ní ta padà mọ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, síìmù tuntun kò ní wò ó sàn, àtúnṣe inú fóònù ló kù. Tirẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Ó mú NIN rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n fún un ní náánò tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, àìsàn náà sì lọ.

Tí bébà bá wà lábẹ́ tiyín, ẹ yọ ọ́ lónìí. Tí tíréè bá sì le nígbà tí ẹ ń tì í wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Ẹ fà á jáde, kí ẹ wo bí káàdì ṣe jókòó.